Dírááfù Z Kò Sá Lọ: Ẹ Yé Fọ́máàtì Kọ̀ǹpútà Wa

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Láti Ìkìrun dé Ìnísà, láti Ìnísà dé Òkukù, ẹjọ́ kan náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń gbé wá bá wa. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà ní àárọ̀, wọ́n wọlé sórí rẹ̀, wọ́n ṣí This PC, wọ́n rí i pé dírááfù Z, èyí tí fódà àjọlò wà lórí rẹ̀, ti di ohun tí àmì pupa gùn lórí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Àná ló ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án. Nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, Windows gbé ìkìlọ̀ kan jáde pé "Could not reconnect all network drives". Wọ́n wá pe ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe, onítọ̀hún sì sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: fáírọ́ọ̀sì ni, rútà ti bàjẹ́ ni, tàbí kí a kúkú fọ́máàtì.

Nínú gbogbo èyí tí a fi ojú ara wa rí lójú ọ̀nà yìí, kò sí ọ̀kankan tó jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Kò sí èyí tó fẹ́ fọ́máàtì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tètè kan ilẹ̀kùn, onílé kò sì tí ì jí. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́ ohùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni nílé, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí onílé jí ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó padà wá kan ilẹ̀kùn mọ́.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìkìrun san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún fọ́máàtì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ṣe é kò béèrè ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà kó tó nù ún. Orí kẹta iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀. Ó bá a lọ. Dírááfù Z náà sì padà wá fún ọjọ́ méjì péré, nítorí pé ẹni náà fi ọwọ́ so ó pọ̀ lẹ́yìn fọ́máàtì. Lọ́jọ́ kẹta tí iná lọ tó sì dé, àmì pupa ti tún gùn ún. Bí oníṣègùn bá gé ọwọ́ fún ẹni tí orí ń fọ́, ṣé ẹ ó sanwó fún un?

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Nígbà ayé Windows 2000, kọ̀ǹpútà máa ń dúró kí nẹ́tíwọ̀kì kọ́kọ́ dìde kó tó jẹ́ kí ènìyàn wọlé. Àwọn ènìyàn ráhùn pé ó ń pẹ́. Nígbà tí Windows XP jáde ní ọdún 2001, Microsoft yí i padà: kọ̀ǹpútà kò ní í dúró mọ́, yóò gbé ojú iṣẹ́ jáde kíákíá, kí nẹ́tíwọ̀kì máa bọ̀ lẹ́yìn. Bó ṣe wà títí di òní nìyẹn. Bí ẹ bá ti wọlé tán, Windows a wo àkọsílẹ̀ àwọn dírááfù tí ẹ fi àmì sí pé "Reconnect at sign-in", a sì gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí káàdì nẹ́tíwọ̀kì kò bá tí ì gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ rútà, ìgbìyànjú náà já sí òfo.

Microsoft mọ̀. Lẹ́yìn tí Windows 10 ẹ̀dà 1809 jáde ní ọdún 2018, àwọn fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé dírááfù orí nẹ́tíwọ̀kì lè kọ̀ láti so padà lẹ́yìn tí ènìyàn bá wọlé. Ohun tí wọ́n fún àwọn ènìyàn láti fi gbà á mọ́ra kì í ṣe fọ́máàtì. Àṣẹ kékeré kan ni, tó ń tún ìbéèrè béèrè títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta, tó sì ń sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 láàárín. Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe Windows gan-an gbà pé ọ̀rọ̀ àkókò ni. Ta wá ni ẹni tó ń gbé fọ́máàtì kiri láàárín ọjà?

Tiwa tún wá burú ju tòyìnbó lọ, nítorí iná. Ní ọ́fíìsì tí iná kì í lọ, rútà àti sáfà ti wà lójúfò láti ọjọ́ yìí, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń jí. Ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ti tó o. Níbi tiwa, tí iná bá lọ, gbogbo wọn ló kú pọ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ bá sì dún, gbogbo wọn ló jí pọ̀. Ẹni tó yára jù á wá bá ẹni tó lọ́ra jù lórí ibùsùn.

A lọ wọn èyí fúnra wa ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Òkukù, ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun máa ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn lọ tẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ̀wé níbẹ̀. Ìkarùn-ún ni sáfà, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí fáìlì gbogbo oníbàárà wà lórí rẹ̀, tí àwọn mẹ́rin yòókù sì ń pè ní Z. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, a sì fi fóònù ka àkókò. Àwọn kọ̀ǹpútà ìtẹ̀wé, tí dísíìkì tuntun tí kì í yí wà nínú wọn, ti dé ojú iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 25, nítorí wọn kò fi páásíwọọ̀dù sí i. Rútà gba 90 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín nọ́ńbà. Sáfà gba 130 kí fódà rẹ̀ tó ṣeé ṣí. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín 25 àti 130. Inú àlàfo yẹn ni dírááfù Z ń rì sí lójoojúmọ́.

Ohun tó ń mú wa bínú jù kì í ṣe àmì pupa yẹn fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe nígbà tí wọ́n bá rí i ni. Oníbàárà dúró lórí wọn, wọn kò rí Z, wọ́n bá tẹ àtúnṣe orí kẹrin sórí ojú kọ̀ǹpútà kẹta, wọ́n ní àwọn yóò gbé e lọ sí Z tó bá yá. Kò yá mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn jókòó sórí kọ̀ǹpútà kìíní, Z ti padà dé, ó ṣí orí kẹrin àtijọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n sì dì í pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé iṣẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ti ní kó tún ṣe padà lọ fún olùkọ́ kan náà. Olùkọ́ rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni. A mọ ènìyàn méjì tí èyí ṣẹlẹ̀ sí láàárín sáà kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú kọ̀ǹpútà yín, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àìsàn yìí ni. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ wọlé, kí ẹ wá tẹ dírááfù tí àmì pupa wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣí wẹ́rẹ́, tí àmì pupa náà sì pòórá, ọ̀rọ̀ àkókò ni, ẹjọ́ ti parí. Bó bá ní kí ẹ tẹ páásíwọọ̀dù, páásíwọọ̀dù ni kò fi pamọ́, ìyẹn sì yàtọ̀. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé àṣẹ dúdú yẹn kí ẹ tẹ méjì wọ̀nyí:

```
net use
ipconfig
```

Èyí àkọ́kọ́ á sọ ipò dírááfù náà fún yín. "Unavailable" túmọ̀ sí pé ó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n a kò tí ì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì á fi nọ́ńbà kọ̀ǹpútà yín hàn. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé rútà kò dá a lóhùn, kọ̀ǹpútà sì sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ níbi tí àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà wọ̀ bá jí ṣáájú rútà. Windows á tún béèrè nọ́ńbà lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n ta ló ń dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí oníbàárà ń pariwo? Àwọn kọ̀ǹpútà tó jókòó sójú kan lórí wáyà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tí kì í yí padà, pàápàá sáfà. (Bí àmì pupa bá sì jẹ́ èyí tó ń yọ lọ́sàn-án lẹ́yìn tí ẹ ti fi dírááfù sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 láìfọwọ́ kàn án, sáfà ló gé okùn tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á padà. Kì í ṣe àìsàn.)

Ó yá, àtúnṣe. Àwọn ìmọ̀ràn tó ń kiri kò tán, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì jẹ́ pípa lápálápá nígbà tí ẹ̀tẹ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ pa Fast Startup. Ẹ gbọ́ ná: nígbà tí ẹ bá tẹ Restart, Windows kì í lo Fast Startup rárá, ìgbà tí ẹ bá tẹ Shut down nìkan ló ń lò ó. Bí dírááfù yín bá pòórá lẹ́yìn Restart, kí ni Fast Startup ṣe nínú ẹjọ́ náà? Wọ́n á ní kí ẹ tan SMB1 padà. Ọ̀nà àtijọ́ yẹn ni WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ẹni tó bá ní kí ẹ ṣí i nítorí àmì pupa ń ní kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nítorí pé ti iwájú ń dún.

Èyí tó bọ́gbọ́n mu díẹ̀ nínú wọn ni "Always wait for the network at computer startup and logon". Ó ń dá Windows padà sí ìwà àtijọ́ yẹn, kó dúró de nẹ́tíwọ̀kì. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe ṣe é, níbi tí sáfà kan ti ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà. Ibi tí a ti ń tan án, gpedit.msc, kò sí lórí Windows Home, òun sì ni ọ̀pọ̀ nínú yín ní. Kò sì mọ ohunkóhun nípa sáfà tó ń jí lọ́wọ́. Nẹ́tíwọ̀kì ló ń dúró dè, kò dúró de onílé.

Àwa gbà pé àtúnṣe méjì péré ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ gbìyànjú, èyí àkọ́kọ́ sì rọrùn débi pé ojú ń ti àwọn ènìyàn láti sọ ọ́: ẹ má lo lẹ́tà Z rárá. Ẹ ṣe ọ̀nà àbùjá sórí ojú iṣẹ́ yín tó ń lọ tààrà sí `\\192.168.1.10\ise`, ìyẹn nọ́ńbà sáfà àti orúkọ fódà. Ọ̀nà àbùjá kò ń béèrè nǹkan kan nígbà tí ẹ wọlé. Ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ló ń kan ilẹ̀kùn, onílé á sì ti jí nígbà náà. Bí kò bá tí ì jí, ẹ tún un tẹ̀. Ẹni tó ń tẹ ìwé tó sì ń fi pamọ́ kò nílò lẹ́tà kankan. Àwọn tó nílò rẹ̀ ni àwọn tó ń lo ètò ìṣirò owó tàbí ètò àtijọ́ mìíràn tí kò mọ̀ ju lẹ́tà lọ.

Fún irú àwọn wọ̀nyẹn ni èkejì: ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kan ilẹ̀kùn títí tí wọ́n á fi ṣí i. Ṣọ́ọ̀bù Òkukù yẹn ti gbìyànjú ìdúró tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan fi ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí i, kò tó. Ó sọ ọ́ di 120, kò tún tó, nítorí pé sáfà gba 130, ó sì ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí iná bá já lójijì tó sì ní láti yẹ dísíìkì rẹ̀ wò. Kò sí nọ́ńbà kan tí ẹ lè fi síbẹ̀ tí ọjọ́ kan kò ní í borí rẹ̀. Ẹ má ka ìṣẹ́jú. Ẹ béèrè, ẹ sinmi, ẹ tún béèrè.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ pa ìsopọ̀ àtijọ́ rẹ́, kí ẹ sì fi páásíwọọ̀dù sí ibi tí Windows ń fi í pamọ́ sí. Akowe níhìn-ín ni orúkọ tí sáfà mọ̀ yín sí:

```
net use Z: /delete
cmdkey /add:192.168.1.10 /user:akowe /pass
```

Àṣẹ kejì á béèrè páásíwọọ̀dù, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà tí ẹ lò níbí náà ni ẹ ó lò nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ sáfà síbí tí ẹ sì fi nọ́ńbà sí ọ̀hún, Windows á rò pé ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. A sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kọ páásíwọọ̀dù sínú fáìlì àṣẹ bí a ti ń rí i káàkiri. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí kọ̀ǹpútà yẹn lè kà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ èyí sínú Notepad, kí ẹ pè é ní `so-z.cmd`:

```
@echo off
set n=0
:tun
if exist Z:\ exit /b 0
net use Z: /delete /y >nul 2>&1
net use Z: \\192.168.1.10\ise /persistent:no >nul 2>&1
if exist Z:\ exit /b 0
set /a n+=1
if %n% geq 60 exit /b 1
timeout /t 5 /nobreak >nul
goto tun
```

Ohun tó ń ṣe kò le. Ó ń wò bóyá Z ti ṣí. Bí kò bá ṣí, ó pa èyí tó kú rẹ́, ó so tuntun, ó sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́ta ìgbà ló ń gbìyànjú, ìsinmi nìkan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún. `/persistent:no` yẹn ń sọ fún Windows pé kó má ṣe rántí dírááfù náà, nítorí pé Windows tó bá rántí rẹ̀ á tún kan ilẹ̀kùn láàjìn, á sì tún fi àmì pupa yín lójú.

Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ `shell:startup`, kí ẹ fi ọ̀nà àbùjá sí fáìlì náà sínú fódà tó bá ṣí. Ó tán. Ẹ má ṣe fi "Run as administrator" ṣí i o! Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, àní àwọn tó ń gbowó. Windows ka ẹni tó wọlé lásán àti ẹni kan náà tó gba agbára ọ̀gá sí ẹni méjì, dírááfù tí ẹni kejì so kì í sì í hàn sí ẹni kìíní. Àṣẹ á ní òun ti ṣe é, `net use` nínú fèrèsé ọ̀gá á ní OK, ṣùgbọ́n File Explorer kò ní í rí nǹkan kan. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Task Scheduler, òfin kan náà ni: ẹ yan "Run only when user is logged on", kí ẹ sì fi "Run with highest privileges" sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn.

Ti Ìnísà ní ìyàtọ̀ díẹ̀. Láptọ́ọ̀pù orí Wáìfáì ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, rútà wà lójúfò. Síbẹ̀, Z ń pòórá. Ẹni tó kọ́kọ́ so Wáìfáì yẹn ṣe é fún orúkọ tirẹ̀ nìkan, nítorí náà láptọ́ọ̀pù kò lè wọ Wáìfáì àfi lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá wọlé. `netsh wlan show profiles` fi hàn wá: "Current User Profile" ló kọ síbẹ̀ dípò "All User Profile". Àṣẹ kan péré, nínú fèrèsé ọ̀gá lọ́tẹ̀ yìí, ló yí i padà, ẹ fi orúkọ Wáìfáì yín sí i:

```
netsh wlan set profiletype name="Waifai" profiletype=all
```

Láti ọjọ́ náà ni Wáìfáì ti ń dìde kí wọ́n tó tẹ páásíwọọ̀dù. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ti sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ ra rútà tuntun.

Ní Òkukù, a fi `so-z.cmd` sórí àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù sì ra bátìrì kékeré kan tí ń gbé rútà ró, kí rútà má bàa kú rárá nígbà tí iná bá lọ. Z ń dé láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò tí ì yanjú ni sáfà àtijọ́ yẹn: bí iná bá dé, kì í dá jí, àfi kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ètò ìdásílẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí a wọ̀, kí a sọ fún un pé bí iná bá ti padà kó tan ara rẹ̀. Títí tí a ó fi ṣe é, ìwé kan wà tí a lẹ̀ mọ́ ara jẹnẹrétọ̀: "Tan sáfà kí o tó tan àwọn yòókù."